Orúkọ Tí Ẹ Fi Ń Kọ̀wé: Ẹ Mú Ẹyọ Kan, Kí Ẹ Má Sì Yí I Padà

Ní ọjọ́ ọjà kan, mo yà sí ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta ìwé nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa. Bí mo ti kí i tán, ó na ìwé ìròyìn kan sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ wo ohun tí ẹnì kan kọ síbí nípa owó èésú. Ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu. Ẹ bá mi wá ẹni náà rí. Bí ó bá ní ìwé, n ó bá a tà á."

Mo wo ìdí àpilẹ̀kọ náà, mo rí i pé "Tíṣà Ìsàlẹ̀-Ọjà" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi ni! Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kékeré tí mo kọ lórí owó èésú wà lórí pẹpẹ ìyá náà gan-an. Ó ti lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀, ẹyọ méjì péré ni ó sì tíì tà. Ìdí rẹ̀ ni pé orúkọ àbísọ mi àti ti baba mi ni mo fi sí ara ìwé náà. Ìyá náà kò lè mọ̀ pé ẹnì kan náà ló kọ méjèèjì, nítorí kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo kó gbogbo àpilẹ̀kọ mi jáde. Méje ni wọ́n, láàárín ọdún mẹ́ta. Mẹ́ta wà lórúkọ "Tíṣà Ìsàlẹ̀-Ọjà", méjì lórúkọ "Ọ̀rẹ́ Ọlọ́jà", ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mi nìkan, ọ̀kan yòókù sì pẹ̀lú orúkọ mi ní kíkún. Ṣe ni mo dà bí ọmọdé tí ó ní kóló mẹ́rin, tí ó ń ju kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà. Nígbà tí ọdún yípo, kò sí kóló kan tí ó kún. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti yan orúkọ kan ṣoṣo, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe yàn án fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú kálámù.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ wò ni bóyá orúkọ náà lè gba gbogbo ohun tí ẹ ó kọ títí ọjọ́ alẹ́. Ní 1929 sí 1930, àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Obìnrin kan tí a pè ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni ó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé obìnrin náà wà ní tòótọ́. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó ń kọ wọ́n. Orúkọ náà bá iṣẹ́ yẹn mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n ìtàn yẹn nìkan ni ó wà fún. Ta ni ì bá fi orúkọ Sẹ̀gilọlá kọ ìwé ìṣirò tàbí ìtàn ìlú? Orúkọ ẹni inú ìtàn ni, kì í ṣe orúkọ tí òǹkọ̀wé lè gbé kiri láti ìwé kan dé òmíràn.

Ẹ wá wo akéwì Ẹ̀gbá nì, Josiah Ṣóbọ̀wálé Ṣówándé, tí ó kú ní 1936. Ṣóbọ̀ Aróbíodu ni ó fi ń tẹ àwọn ìwé àrọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣóbọ̀ jáde láti inú orúkọ tirẹ̀, nítorí náà kò ṣòro fún àwọn ará ilé láti dá a mọ̀. Orúkọ náà kò sì dárúkọ iṣẹ́ tàbí ọ̀ràn kan pàtó, ó sì lè wà lórí ewì èyíkéyìí tí ó bá wù ú láti kọ. Títí di òní, orúkọ yìí ni àwọn tó ń ka ewì Ẹ̀gbá fi mọ̀ ọ́n, ju Ṣówándé lọ.

Nígbà tí mo fi ojú yìí wo àwọn orúkọ mi, mo rí àbùkù wọn. "Ọ̀rẹ́ Ọlọ́jà" kò ní bá ìwé àlọ́ àwọn ọmọdé mu. "Tíṣà Ìsàlẹ̀-Ọjà" ńkọ́? Tíṣà pọ̀ ní gbogbo ìsàlẹ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá sì gbé mi lọ sí ìlú mìíràn, orúkọ náà di irọ́. Mo wá mú Àlàó, tí í ṣe oríkì mi, mo sì fi Ìdí-Ọsàn tì í, èyí tí í ṣe ibi tí a ti máa ń ṣeré nígbà tí mo wà ní ọmọdé.

Ohun kejì ni pé kí orúkọ náà má jẹ́ ti ẹlòmíràn. Mo wá a nínú àkójọ orúkọ òǹkọ̀wé ní ilé ìkàwé, mo bi àwọn tó ń ta ìwé, mo sì wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àmì ohùn àti láìsí àmì ohùn. Ẹ má ṣe fojú kéré wíwá a lọ́nà méjèèjì, nítorí ẹ̀rọ lè ka èyí tó ní àmì àti èyí tí kò ní àmì sí orúkọ méjì. Bí ẹ bá rí òǹkọ̀wé mìíràn tó ń jẹ́ ẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún un, ìbáà jẹ́ pé ìwé kan péré ni ó kọ.

Ohun kẹta ni bí ó ṣe ń dún létí. Mo pe ẹni mẹ́ta lórí fóònù, mo sọ orúkọ náà fún wọn lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni kìíní kọ "Idi Osan" ní ọ̀rọ̀ méjì, ẹni kejì fi àmì ìsopọ̀ sí àárín rẹ̀, ẹni kẹta sì kọ ọ́ pọ̀ ní "Idiosan". Ọ̀nà mẹ́ta nínú ẹni mẹ́ta! Ọ̀ràn yìí ju ọ̀ràn ìṣọwọ́kọ̀wé lọ. Ilé ìkàwé a máa to òǹkọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé orúkọ ìdílé ni. Bí mo bá fi í sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ méjì, ẹnì kan yóò to ìwé mi sábẹ́ "Osan", ẹlòmíràn yóò to ó sábẹ́ "Idi". Mo wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kan: Àlàó Ìdíọsàn.

Ẹ má ṣe rò pé àsọdùn ni mo ń ṣe. Ẹ wo òpìtàn Ẹ̀gbá nì, Ajísafẹ́, tí ó kú ní 1940. Emmanuel Olympus Moore ni orúkọ rẹ̀ látilẹ̀, kí ó tó di Àjàyí Kọ́láwọlé Ajísafẹ́. Kì í ṣe pé ó ń fara pamọ́. Ó fẹ́ jẹ́ orúkọ ilẹ̀ baba rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tó bá ń wá ìwé rẹ̀ lórí òfin àti àṣà Yorùbá, tí a tẹ̀ ní 1924, lè rí i lábẹ́ A. K. Ajisafe níbì kan, kí ó sì rí ìwé kan náà lábẹ́ E. A. Ajisafe Moore níbòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìtàn náà yóò rò pé ọkùnrin méjì ni. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni ńlá bẹ́ẹ̀, kí ni ti èmi àti ẹ̀yin?

Nítorí náà, mo kọ orúkọ mi sórí ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú tábìlì mi: "Àlàó Ìdíọsàn" níbi tí àmì ohùn bá ti ṣeé tẹ̀, "Alao Idiosan" níbi tí kò bá ṣeé tẹ̀. Kò sí Ọ̀gbẹ́ni, kò sí Tíṣà, kò sí lẹ́tà kan láàárín. Bí mo bá fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́, mo máa ń bẹ olóòtú pé kí ó má fi ohunkóhun kún un. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé ni, mo máa ń ní kí atẹ̀wé fi èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ hàn mí kí ó tó tẹ gbogbo rẹ̀, kí n lè yẹ orúkọ náà wò ní ibi mẹ́rin: èèpo iwájú, ẹ̀yìn ìwé tó ń kọjú síta lórí pẹpẹ, ojú ewé àkọlé, àti ojú ewé tí a kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sí. Níbi ẹ̀yìn ìwé ni àṣìṣe máa ń farapamọ́ sí jù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ ìròyìn kan kọ ìwé owó sí "Tíṣà Ìsàlẹ̀-Ọjà". Báńkì dá a padà, nítorí kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wọn, odidi oṣù méjì ni mo sì fi ń sáré owó náà. Láti ìgbà náà, orúkọ gidi ni mo fi ń bọ́wọ́ lu ìwé àdéhùn. N ó kọ orúkọ mi sí i, n ó sì fi kún un pé "tí ń kọ̀wé lórúkọ Àlàó Ìdíọsàn". Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀rí pé ẹnì kan náà ni wá.

Ẹ̀rí yìí wúlò fún àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí Nàìjíríà ṣe ní 2022, bí a kò bá mọ ẹni tó ni orúkọ ìkọ̀wé kan, ẹ̀tọ́ orí ìwé náà yóò parí ní 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí ìwé kọ́kọ́ jáde. Bí a bá mọ ẹni náà, ẹ̀yìn ìparí ọdún tí ó kú ni a ó ti ka 70 ọdún. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ìwé kan jáde ní 2025, tí ẹni tó kọ ọ́ sì kú ní 2065. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀tọ́ parí ní ìparí 2095. Bí a bá mọ̀ ọ́n, ó di ìparí 2135. Ogójì ọdún ni ìwé pélébé kan lè jèrè fún àwọn ọmọ yín! Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀dà àdéhùn náà pa mọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kan nínú ẹbí, kì í ṣe sínú àpótí yín nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: iṣẹ́ tí ẹ kọ ni òfin yìí ń dáàbò bò, kì í ṣe orúkọ ìkọ̀wé fúnra rẹ̀. Lílò ó láìyẹsẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni yóò jẹ́ kí ayé mọ̀ pé tiyín ni.

Nígbà tí mo tún ìwé èésú náà tẹ̀, mo fi Àlàó Ìdíọsàn sí i. Lábẹ́ rẹ̀, ní ojú ewé àkọlé nìkan, mo kọ ọ́ pé, "ẹni tó ti ń kọ̀wé tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Tíṣà Ìsàlẹ̀-Ọjà". Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kọ ìyẹn, kí àwọn òǹkàwé àtijọ́ lè bá mi kọjá afárá náà. Mo gbé márùn-ún lọ fún ìyá olùtawé. Ó ṣí i, ó kà á, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà ni ẹ jókòó síbí lọ́jọ́sí, tí ẹ ń gbọ́ tí mo ń wá yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba márààrún.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Àlàó Ìdíọsàn