Ìdánwò tí wọ́n ń ṣí ìwé ṣe: Irú ìbéèrè wo ni nóòtì nìkan kò lè dáhùn?

Tí olùkọ́ bá ní kí àwọn ọmọ kó nóòtì wọn wọ ibi ìdánwò, tó wá bi wọ́n pé "Kí ni èrè?", ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò tíì dán ẹnikẹ́ni wò. Ọmọ tó bá tètè rí ojú ewé náà ló gba máàkì. Ohun tó yẹ kí ìbéèrè náà ṣe ni kó gbé ọ̀rọ̀ tuntun kan síwájú ọmọ, kó ní kó fi ohun tó wà nínú nóòtì dá a lẹ́jọ́.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Nóòtì wí pé tí àwọn oníbàárà bá ń tètè sá fún ọjà kan nígbà tó bá wọ́n, àpapọ̀ owó tó ń wọlé fún ẹni tó ń tà á máa dín kù tó bá fi owó lé e. Olùkọ́ lè wá béèrè báyìí:

"Ìyá kan ń ra búrẹ́dì ní 800 náírà, ó ń tà á ní 1,000 náírà. Iye tó máa tà nìkan ló ń rà. 100 ló ń tà lójúmọ́. Nígbà tó sọ ọ́ di 1,200 náírà, 70 ló ń tà. Ọkọ rẹ̀ ní kó dá owó náà padà sí 1,000. Ṣé ọkọ rẹ̀ jàre? Fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀."

Ẹni tó kàn da nóòtì kọ máa ní ọkọ jàre. Lóòótọ́, owó tó ń wọlé ti kúrò ní 100,000 náírà, ó ti di 84,000. Àmọ́ ẹ wo èrè o. Tẹ́lẹ̀, 200 náírà ló ń jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 20,000 lójúmọ́. Ní báyìí, 400 ló ń jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 70, ó di 28,000. Nóòtì kò parọ́, owó tó ń wọlé ló sọ, kò sọ èrè.

Gbólóhùn "iye tó máa tà nìkan ló ń rà" kì í ṣe àfikún lásán. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ tó gbọ́n máa béèrè búrẹ́dì tó ṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì tọ̀nà.

Nínú máàkì 10, ẹ fún òfin inú nóòtì ní 2 péré, owó tó wọlé ní 3, èrè ní 3, ìdájọ́ ní 2. Ọmọ tó ṣírò èrè, tó wá ní kí ìyá náà ṣì dín owó kù kí àwọn oníbàárà má baà lọ pátápátá, kó gba 2 ìkẹyìn yẹn.

Kí ìbéèrè tó jáde, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣí nóòtì, kó gbìyànjú láti fi àdàkọ nìkan dáhùn rẹ̀. Tó bá gbà ju máàkì 3 lọ, kó tún un kọ. Kó sì má kó ìbéèrè jọ: mẹ́ta tó fún wákàtí kan, torí ṣíṣí ìwé kiri ń jẹ àkókò gan-an. Lọ́dún tó ń bọ̀, kó pààrọ̀ iye owó àti ọjà náà, torí ìdáhùn tọdún yìí á ti wà nínú nóòtì àwọn àbúrò wọn.