Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Tó Ń Fọ́nnu

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú ní Ọ̀ṣun. Ó fẹ́ kọ̀wé sí bánkì kan l'Ékòó tó ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde, ó wá ní kí n bá òun ka lẹ́tà náà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó sọ níbẹ̀rẹ̀ rèé: "Kò sí ẹni tó máa kọ̀wé sí yín tó mọṣẹ́ tó mi. Bí ẹ ò bá gbà mí, ẹ̀yin lẹ máa kábàámọ̀."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé o ti ka lẹ́tà àwọn yòókù ni?"

"Rárá, Àǹtí."

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ nìkan ló ń rí gbogbo lẹ́tà, òun ló sì lè sọ ẹni tó mọṣẹ́ jù. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí ju ìgbéraga ibẹ̀ lọ ni pé gbólóhùn méjèèjì kò sọ ohun kan ṣoṣo tí ọmọ yìí ti ṣe rí.

Ó tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ló tún gbogbo ìṣirò owó ṣe níbi tóun ti sìn. Mo ní kó jókòó, kó rọra ròyìn rẹ̀ fún mi. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Inú ìwé ńlá ni wọ́n ń kọ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yá sí. Òun àti akáúntáǹtì ibẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ 6 kó àkọsílẹ̀ ènìyàn 180 sínú Excel, wọ́n sì rí ènìyàn 11 tí wọ́n ti kọ owó tí wọ́n san pa dà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tó dáa jù lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi pa mọ́, tó wá ń fọ́nnu.

Èyí la fi rọ́pò rẹ̀: "Nígbà tí mo ń sìnrú ìlú, èmi àti akáúntáǹtì ẹgbẹ́ náà kó àkọsílẹ̀ owó yíyá ènìyàn 180 sínú Excel. A rí àṣìṣe nínú ti ènìyàn 11, a sì tún un ṣe."

Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá dárúkọ akáúntáǹtì, iyì òun á dínkù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pe ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ láti béèrè, ohun kan náà ni wọ́n máa gbọ́.

Nígbà tó tún un kọ, ó wá ṣubú sódìkejì: "Bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi." Ìkúnlẹ̀ tí a fi ń kí àgbà nílé nìyẹn, nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, ńṣe ló ń ba iṣẹ́ ènìyàn 180 náà jẹ́. A pa á rẹ́, a kọ òtítọ́ sí i: "N kò tíì ṣàyẹ̀wò ẹni tó fẹ́ yáwó ní bánkì rí. Ó wù mí láti kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín."

Lẹ́tà náà kò kún ojú ìwé kan. Ó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, a ṣì ń retí èsì.