Eruku Tó Sùn Sórí Igi Àjà

Ẹlẹ́rọ tó ń lọ èlùbọ́ ládùúgbò wa kì í ra àtíkè. Bó bá fi máa di ọ̀sán, irun orí rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ àti irun apá rẹ̀ á ti funfun báláú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo gbé iṣu gbígbẹ lọ bá a, gílóòbù tó wà lókè orí wa kú lójijì. Ẹ́ńjìnnì dísù ni ó fi ń lọ nǹkan, nítorí náà ẹ̀rọ ṣì ń ké, eruku sì ń rú túú lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fa ìṣáná yọ láti tan àbẹ́là. Kó tó ṣá a, bàbá ti gbá a lọ́wọ́: "O fẹ́ sun wá mọ́bí ni?"

Mo ní, "Bàbá, ṣé èlùbọ́ máa ń gbiná ni?"

Ó ní òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná nínú eruku, òun náà ò sì ní gbà á.

Ọ̀gá yẹn mọ ohun tó ń sọ. Gbogbo ẹni tó bá ti dáná igi rí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ìtí igi kì í tètè gbiná, a máa ń là á wẹ́wẹ́ ni, a ó sì wá èésan tín-ín-rín sí abẹ́ rẹ̀. Ìdí ni pé ara igi tí afẹ́fẹ́ kàn nìkan ló ń jó, inú rẹ̀ ń dúró de ara. Ẹ mú ègé igi kékeré kan tí kò ju hóró ṣúgà oníhóró lọ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ títí tí hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, ègé kan yẹn ti di mílíọ̀nù kan hóró. Igi náà kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ara tó ní fún iná láti jẹ ti di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ìbá máa jó fún ìṣẹ́jú mélòó kan yóò jó tán kí ojú tó ṣẹ́.

Bó ṣe rí fún igi náà ló rí fún ìyẹ̀fun, ṣúgà, gààrí kíkúnná, kòkó lílọ̀, àní irin alumíníọ̀mù tí wọ́n bá rẹ́ di lẹ́búlẹ́bú. Iyọ̀ kò sí nínú wọn, yanrìn kò sí nínú wọn, sìmẹ́ńtì náà kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó kúnná tó, nítorí pé ohun tí kò lè jó kò lè jó. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo eruku ló ń bú. Eruku ohun tó ń jó ni.

Àmọ́ ẹ da ìyẹ̀fun sínú àwo kí ẹ fi ìṣáná kàn án, ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ kàn máa dúdú ni. Afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ àárín hóró rẹ̀. Ó dìgbà tó bá fò sókè, tí hóró kọ̀ọ̀kan ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀ yí i ká, kí iná tó lè máa ti ara ọ̀kan fò mọ́ èkejì. Kó tó fò bẹ́ẹ̀ sì rèé, eruku náà ní láti nípọn. Fún ìyẹ̀fun àlìkámà, nǹkan bí gíráàmù 50 ló gbọ́dọ̀ wà nínú àyè tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Lójú, eruku tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré: bí ẹ bá dúró ní mítà méjì sí gílóòbù tó ń tàn nínú rẹ̀, ẹ ò ní rí gílóòbù náà. Ẹnikẹ́ni ò lè ṣiṣẹ́ nínú irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ẹ̀rọ, inú páìpù àti inú àká ni irú eruku bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà, kì í ṣe ibi tí òṣìṣẹ́ dúró sí.

Ó wá ku ògiri. Bí eruku bá gbiná ní gbangba, á jó fàì, á sì tán. Ṣùgbọ́n bó bá wà nínú yàrá tó sé, afẹ́fẹ́ gbígbóná máa fẹ́ fẹ̀, kò sì ní rí ibi gbà. Nínú ìkòkò irin tó dé pinpin, agbára tó fi ń ti ara ìkòkò lè tó ìlọ́po mẹ́jọ agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Ògiri bíríkì kò lè gba ìdajì ìdajì rẹ̀ kó tó wó. Ìró gbàmù tí a máa ń gbọ́ kì í ṣe ti ìyẹ̀fun, ti ilé tó ń ya ni.

Ìlú Minneapolis ní ìpínlẹ̀ Minnesota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Létí odò Mississippi níbẹ̀ ni ilé ìlọyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní Washburn A wà, ilé gàgàrà alájà méje àti ààbọ̀. Omi ló ń yí ọlọ rẹ̀. Wọ́n ti ní ẹ̀rọ tuntun nígbà náà tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú àlìkámà lílọ̀ kí èèpo lè fò kúrò lára ìyẹ̀fun. Ẹ̀rọ náà jẹ́ kí búrẹ́dì funfun, ó sì jẹ́ kí eruku gba gbogbo ilé. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, ọdún 1878, ní nǹkan bí aago méje alẹ́, àwọn tó ṣiṣẹ́ ojúmọmọ ti lọ sílé, òṣìṣẹ́ òru mẹ́rìnlá ló kù nínú ilé. Ilé náà bú. Òrùlé rẹ̀ fò lọ sójú ọ̀run, iná sì ran ilé ìlọyẹ̀fun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn náà tún bú. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìnlá náà tó jáde láàyè. Ẹni mẹ́rin mìíràn kú ní àwọn ilé tó kù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé ìyẹ̀fun ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun tí ìyá ń fi ṣe búrẹ́dì fọ́mọ! Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì láti yunifásítì Minnesota, Peckham àti Peck, ló fi hàn wọ́n. Wọ́n gbé fìtílà tó ń jó sínú àpótí, wọ́n fi ẹwìrì fẹ́ ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i, ìdérí àpótí sì fò. Ohun tí wọ́n ní ó fa ti Washburn ni pé ọlọ òkúta méjì ń yí lófìfo, kò sí àlìkámà láàárín wọn. Òkúta wá ń ha òkúta, ó ń ta iná.

Ohun tó yẹ ká dúró lé lórí níbí ni pé iná kékeré kan láàárín ọlọ méjì kò lè gbé òrùlé ilé alájà méje. Eruku tó wà nínú ọlọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìbú méjì ló máa ń wà, ìkejì ló sì ń pànìyàn. Èkíní á bú nínú ẹ̀rọ, á gbọn ilé, atẹ́gùn rẹ̀ á gbá gbogbo eruku tó ti sùn lọ sórí igi àjà, sórí páìpù, sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù láti ọdún yìí wá. Eruku yẹn á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, iná tó ń tẹ̀ lé atẹ́gùn á sì bá a lófuurufú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní eruku tẹ́ sílẹ̀ nínú yàrá kan, kò sì nípọn ju mìlímítà kan lọ. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan, ìyẹn tó nǹkan bí ìdajì kílò. Bí yàrá náà bá ga ní mítà márùn-ún, tí eruku náà sì fò sókè káàkiri, gíráàmù 100 ló máa wà nínú mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tó ga ní mítà kan. Ìlọ́po méjì ohun tí iná nílò rèé. Mìlímítà kan! Kò ju ohun tí ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sí lọ.

Ní ọdún 2008, ní ọjọ́ keje oṣù kejì, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ nílé iṣẹ́ ṣúgà Imperial Sugar ní Port Wentworth, ìpínlẹ̀ Georgia. Aago méje alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Ẹni mẹ́rìnlá ló kú níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́líìtì gígùn kan ń gbé ṣúgà gba abẹ́ àwọn àká ńlá kọjá. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n fi páànù irin bo bẹ́líìtì náà kí ìdọ̀tí má baà kó sínú ṣúgà. Èrò tó dáa ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí bẹ́líìtì wà ní gbangba, eruku rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ káàkiri, kò ní nípọn. Nígbà tí wọ́n dé e, eruku há sínú rẹ̀, ó ń nípọn sí i. Àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà ní ó jọ pé bérìn kan tó gbóná jù ló ràn án. Ìbú àkọ́kọ́ yìí ìbá mọ síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ṣúgà tó ti kó jọ sílẹ̀ àti sókè ní àwọn ilé tí wọ́n ti ń di ṣúgà sínú àpò. Ìbú kejì, ìkẹta, ó gba ilé dé ilé.

Ní ilé ìlagi àti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìyẹ̀ igi ńláńlá tí ayùn ńlá ń gé jáde kò burú tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tó ń fi sáńpépà dán pákó ń tú jáde, tó rí bí àtíkè, tó sì gbẹ táútáú, ni kí ẹ ṣọ́. Ìṣó tó fara pamọ́ sínú pákó lè ta iná lára ayùn. Bérìn tí gírísì ti tán lára rẹ̀ lè máa gbóná díẹ̀díẹ̀, kí eruku tó bò ó máa rú èéfín láìsí ọwọ́ iná, bíi sìgá. Bí ẹ bá rí irú èéfín bẹ́ẹ̀ lára òkìtì eruku, ẹ má fi omi olójú-líle lù ú, ẹ má sì fi síìlíńdà panápaná fẹ́ ẹ. Ohun tó ń fẹ́ eruku sókè gan-an ló ń fún un ní afẹ́fẹ́. Omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò yẹ́yẹ́ ni kí wọ́n rọra wọ́n sí i.

Nípa gbígbá eruku, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ń gbé e sókè. Afẹ́fẹ́ kọmpurẹ́sọ̀ ló burú jù, nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ ìbú àkọ́kọ́ gan-an láìtíì sí iná. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku mu, èyí tí wọ́n ṣe fún irú eruku bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ tó mọṣẹ́. Ní ibi tí kò sí, àkísà tútù ni.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹlẹ́rọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, abẹ́ ìtẹ́ páànù lásán ló ti ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀tún ó ń jáde lósì, mo sì gbà pé bí ọmọ yẹn bá tilẹ̀ tan àbẹ́là rẹ̀, irun imú rẹ̀ nìkan ni ìbá jó. Ṣùgbọ́n àwọn olè ti jí bẹ́líìtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wá fi bíríkì gbé ògiri yí ṣọ́ọ̀bù ká, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan. Mo na ọwọ́ sókè, mo fi ìka ra igi àjà. Ìka mi funfun títí dé oríkèé.

Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Má dà á láàmú. Ní àárọ̀ Sátidé, mo máa ń yá kọmpurẹ́sọ̀ lọ́wọ́ Fọkanáísà, màá fẹ́ ẹ dànù."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ́ńjìnnì máa ń kú nígbà yẹn?"

Ó wo ẹ́ńjìnnì náà. "Oníbàárà ń dúró kẹ̀."