Ọrọ̀ Ajé Tó Fà Sẹ́yìn Yàtọ̀ sí Èyí Tó Ń Rìn Jẹ́jẹ́

Lọ́dún 2015, ọjà ò tà, àwọn èèyàn sì ń ráhùn, ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé Nàìjíríà kò tíì dẹnu kọlẹ̀. Ohun tí a ṣe jáde lọ́dún náà ṣì fi nǹkan bí ìdá 2.7 nínú 100 ju ti 2014 lọ. Ó ń gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo.

2016 ló fà sẹ́yìn ní tòótọ́. Àgbá epo rọ̀bì tó ju 100 dọ́là lọ láàárín 2014 kò tó 30 dọ́là mọ́ ní oṣù kìíní 2016, àwọn jàǹdùkú sì ń fọ́ ọ̀pá epo ní Náíjà Dẹ́ltà. Dọ́là wọ́n, ilé-iṣẹ́ ò rí ohun èèlò rà. Ohun tí a ṣe jáde láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kéré sí ti irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì léraléra báyìí ni àmì tí wọ́n sábà máa ń wò.

Ká ní 1,000 àpò la ṣe jáde ní 2014: 2015 á jẹ́ 1,027, 2016 á já sí nǹkan bí 1,010, 2017 á padà sí 1,019. Ìjọba kéde lọ́dún 2017 pé a ti bọ́. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n àpò náà kò tíì tó ti 2015, ẹnu tó ń jẹ ẹ́ sì ti pọ̀ sí i.