Yíya Orúkọ Àkọ́kọ́ àti Orúkọ Ìdílé Sọ́tọ̀ Nígbà tí Orúkọ Àárín Bá Wà

Nínú Excel, orúkọ èèyàn sábà máa ń wà pa pọ̀ nínú àpótí kan, àlàfo nìkan ló sì ń ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Bí gbogbo orúkọ bá jẹ́ méjì-méjì, iṣẹ́ ò pọ̀: èyí tó ṣáájú àlàfo ni orúkọ àkọ́kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e ni orúkọ ìdílé. Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa kọ oríkì tàbí orúkọ ìsàmì sí àárín, àwọn mìíràn kì í kọ ọ́. Ká ní Bọ́lá Àjàyí wà nínú A2, Ṣadé Àbẹ̀kẹ́ Adéoyè wà nínú A3, Maria da Silva sì wà nínú A4.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń gbà ni Text to Columns, tó wà lábẹ́ Data. Ó ń gé orúkọ níbikíbi tí àlàfo bá wà, ó sì ń to àwọn ègé náà láti apá òsì. Àjàyí àti Àbẹ̀kẹ́ á wá bọ́ sí òpó kan náà, Adéoyè á sì bọ́ sí òpó tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ka òpó kejì sí orúkọ ìdílé ti sọ oríkì Ṣadé di orúkọ bàbá rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé iwájú la ti ń ka orúkọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn pátápátá ni orúkọ ìdílé wà.

Orúkọ àkọ́kọ́ kò ní wàhálà, nítorí àlàfo àkọ́kọ́ ló parí rẹ̀. Fọ́múlà yìí ni a ó kọ sínú B2, tí a ó sì fà á wá sísàlẹ̀:

```
=LEFT(TRIM(A2),FIND(" ",TRIM(A2)&" ")-1)
```

TRIM ń kó àwọn àlàfo tó ṣẹ́ kù níwájú àti lẹ́yìn orúkọ kúrò. Àlàfo tí a fi kún ìparí ni kò ní jẹ́ kí àṣìṣe #VALUE! yọ bí ẹnì kan bá kọ orúkọ kan ṣoṣo.

Ti orúkọ ìdílé, inú C2 ni a ó kọ èyí sí:

```
=TRIM(RIGHT(SUBSTITUTE(TRIM(A2)," ",REPT(" ",100)),100))
```

Fọ́múlà yìí sọ àlàfo kọ̀ọ̀kan di ọgọ́rùn-ún àlàfo, àwọn orúkọ á sì jìnnà síra wọn. Lẹ́yìn náà, ó mú àmì 100 láti apá ọ̀tún. Ní ti Ṣadé, ohun tó mú ni lẹ́tà mẹ́fà Adéoyè àti àlàfo 94. Àbẹ̀kẹ́ ti jìnnà ju ibi tó lè dé lọ. TRIM tó wà níta wá kó àwọn àlàfo náà dànù, Adéoyè nìkan ló kù. Bí orúkọ àárín ì báà jẹ́ mẹ́ta, èsì kan náà ni.

Nínú Microsoft 365 àti Excel 2024, èyí kúrú jù ú lọ. -1 inú rẹ̀ túmọ̀ sí àlàfo àkọ́kọ́ tí a bá ka láti ẹ̀yìn:

```
=TEXTAFTER(TRIM(A2)," ",-1)
```

Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí a ka iye àlàfo tó wà nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan sínú òpó D:

```
=LEN(TRIM(A2))-LEN(SUBSTITUTE(TRIM(A2)," ",""))
```

Bí D bá jẹ́ 1, orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 0, orúkọ kan ṣoṣo ni, bí a bá lo fọ́múlà àkọ́kọ́ ti orúkọ ìdílé, orúkọ náà á wà nínú B àti C. Bí ojú bá rí orúkọ méjì tí D sì ń sọ pé 0, àlàfo tó wà láàárín wọn kì í ṣe ojúlówó. Ó wọ́pọ̀ nínú orúkọ tí a ṣe àdàkọ rẹ̀ láti orí ayélujára, TRIM ò sì lè rí i. Fọ́múlà yìí, tí a bá kọ ọ́ sínú òpó tó ṣófo, ń sọ ọ́ di àlàfo gidi. Èsì rẹ̀ ni a ó wá lò dípò A2:

```
=SUBSTITUTE(A2,CHAR(160)," ")
```

Àwọn ìlà tí D wọn jẹ́ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èèyàn gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni Maria da Silva wà. Fọ́múlà á kọ Silva nìkan, bẹ́ẹ̀ da Silva lápapọ̀ ni orúkọ ìdílé rẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ìdílé Àgùdà nílùú Èkó. Kò sí ohun tó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín da yìí àti orúkọ àárín, nítorí náà ọwọ́ la ó fi tún un ṣe.

Ó tún yẹ kí a mọ ibi tí àwọn tó kọ ìwé náà fi orúkọ ìdílé sí. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló ń béèrè orúkọ ìdílé ṣáájú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, fọ́múlà inú B ló ń mú orúkọ ìdílé jáde. Orúkọ tirẹ̀ gan-an, tó tẹ̀ lé e, wà láàárín àlàfo àkọ́kọ́ àti èkejì, fọ́múlà inú C kò sì ní mú un bí orúkọ mìíràn bá tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìwé kan bá da ètò méjèèjì pọ̀, kò sí fọ́múlà tó lè yà wọ́n. Ẹni tó mọ àwọn olórúkọ ló lè ṣe é. Fún ìdí èyí, òpó A kò gbọ́dọ̀ di píparẹ́ títí a ó fi yẹ gbogbo ìlà wò.