Nígbà tí ilẹ̀ bá ń jẹ kọnkéré

Ihò náà wà ní Ajah, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tí omi kò sì jìnnà. Ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ntímítà, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 20. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ da kúbíìkì mítà 3 kọnkéré sínú rẹ̀. Bó ṣe dà á tán, fọ́mánì ju okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí sínú ihò, ó fà á jáde, ó wò ó, ó ní, “Ẹnjiníà, ilẹ̀ ń jẹ kọnkéré wa o.”

Kò sí ẹni tó lè rí ìsàlẹ̀ ihò yẹn. Ìṣirò ló sọ ọ́ fún un.

Ẹ wo agolo mílíìkì kan tí wọ́n gbé sínú páálí tó bá a mu rẹ́gí. Agolo fara kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣófo. Bí a bá pín àyè inú páálí sí ọ̀nà 1000, agolo gba nǹkan bíi 785. Nítorí náà, ẹ fi ìdábùú ihò sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 0.785 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tó wá fi jíjìn rẹ̀ sí i:

```
V = 0.785 × d × d × h
```

Mítà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ ní ilé ìwé pẹ̀lú 3.142 máa ń gbàgbé pé ìdajì ìdábùú ni ìlànà tiwọn ń lò. Bí wọ́n bá fi odindi ìdábùú síbẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin kọnkéré ni wọn yóò pè.

Fún ihò Ajah yìí, 0.6 lọ́nà 0.6 jẹ́ 0.36. Fi 0.785 sí i, ó di 0.283. Ohun tí gígùn mítà kan ń gbà nìyẹn, òun sì ni fọ́mánì gidi máa ń há sórí.

Ihò jìn tó mítà 20 lóòótọ́, àmọ́ a kò ní kún un dé ẹnu. Orí páìlì yóò dúró ní mítà 2 nísàlẹ̀ ilẹ̀, nítorí náà mítà 18 ni páìlì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọnkéré tó wà lókè pátápátá ti bá ẹrẹ̀ àti omi pàdé bó ṣe ń gòkè bọ̀, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. A máa ń da bíi 0.6 mítà kún un, tí a óò fọ́ dànù lẹ́yìn tó bá le. Ìyẹn jẹ́ 18.6, tó ń gba 5.26 kúbíìkì mítà. Ilẹ̀ rírọ̀ kì í sì í dúró bí ẹ̀rọ ṣe lù ú. A fi ìdá 15 nínú 100 kún un, ó di 6.05. Ẹni tó bá pe 6 péré fi nǹkan díẹ̀ du ara rẹ̀, tí páìlì yóò sì dúró de ọkọ̀ mìíràn títí ti ìsàlẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í le. A pe 6.5: 3 kọ́kọ́ dé, 3.5 ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó yẹ kí 3 yẹn gòkè tó mítà 10.6. Okùn fọ́mánì fi hàn pé mítà 9 ló gòkè. Pín 3 sí 9, ó jẹ́ 0.333 fún mítà kan, ìyẹn ni pé ihò ti fẹ̀ tó 65 sẹ̀ntímítà. Sẹ̀ntímítà 5 péré ló fi fẹ̀ sí i, àmọ́ ó ń jẹ kọnkéré ju bó ṣe yẹ lọ bí ìdá 18 nínú 100.

Owó nìyẹn jẹ, páìlì kò ní àbùkù. Èyí tó ń já mi láyà ni kí 3 kan náà gòkè dé mítà 13. Àwọn kan á máa yọ̀ pé kọnkéré ṣẹ́kù, láìmọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ti ya wọ inú ihò, kí ó sì fún páìlì nídìí. Okùn kò lè sọ ibi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, torí ìpíndọ́gba nìkan ló ń fúnni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí a sì tún ń fi òòlù kan orí páìlì nígbà tó bá le, kí ẹ̀rọ lè ka ìró tó ń padà bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Okùn yẹn náà la fi ń mọ ìgbà tó yẹ ká fa páìpù tí kọnkéré ń gbà wọlé sókè. Ìdí páìpù gbọ́dọ̀ wà nínú kọnkéré tó bíi mítà 2, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹrẹ̀ á wọ àárín.

Òpó róbótó tó wà lókè ilẹ̀ rọrùn ní tirẹ̀, torí pákó tàbí irin ló dì í mú. Òpó oní-30 sẹ̀ntímítà tó ga ní mítà 3 ń gba 0.212, ìdá 5 nínú 100 tó fún ìdànù.

Ní Ajah, mítà 9.6 ló kù. Bí ihò bá fẹ̀ bákan náà dé òkè, 3.2 ni yóò gbà. Ọkọ̀ kejì dé kí agogo méjì tó lù, okùn sì fi hàn pé kọnkéré dúró ní mítà 1.4 sí ilẹ̀, bí a ṣe fẹ́ ẹ. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ la fi dí kòtò tí táyà ẹ̀rọ ti gbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà.