Nọ́ńbà Tí Kò Yẹ Kí Ọlọ́jà Tọ́jú: Bí Tókìn Ṣe Gba Ipò Nọ́ńbà Káàdì

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ san owó oṣù ní ilé ìdárayá kan ní Surulere. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì gba káàdì báǹkì mi, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ sínú ìwé jọ́tà kan: nọ́ńbà 16 tó wà lójú káàdì, oṣù àti ọdún tí káàdì yóò kú, àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn.

Mo ní, "Àbúrò mi, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, sà. Kí ẹ má baà máa mú káàdì wá lóṣooṣù ni. Tó bá ti di ìparí oṣù, a ó tẹ̀ ẹ́ fún yín, ẹ ó kàn ka nọ́ńbà tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín fún wa ni."

Ire ló rò pé òun ń ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n ojú ewé tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ti kún fún orúkọ àwọn tó sanwó ṣáájú mi, nọ́ńbà káàdì wọn sì tò lọ nísàlẹ̀ ara wọn bí orúkọ ọmọléèwé nínú rẹ́jísítà. Ẹni tó bá fi fóònù ya àwòrán ojú ewé yẹn ti rí gbogbo ohun tó nílò. Lóòótọ́, báǹkì wa níbí sábà máa ń béèrè nọ́ńbà orí fóònù kí owó tó kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìkànnì ìtajà lókè òkun kì í béèrè rẹ̀. Ohun tó wà nínú jọ́tà yẹn nìkan ti tó wọn.

Bí ilé ìdárayá ṣe lè máa gba owó oṣù láìní jọ́tà yẹn ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe Èkó ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2007, iléeṣẹ́ TJX tó ń ta aṣọ káàkiri Amẹ́ríkà kéde pé olè ti wọ inú kọ̀ǹpútà òun. Inú wáífáì ṣọ́ọ̀bù wọn, tí àgádágodo rẹ̀ kò lágbára, ni wọ́n gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ó kéré tán, nọ́ńbà káàdì mílíọ̀nù 45.7 ló ti lọ. Ohun tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé lára àwọn nọ́ńbà náà jẹ́ ti ọjà tí wọ́n ti rà, tí wọ́n sì ti san tán, láti ọdún 2003. Kí ni iléeṣẹ́ aláṣọ ń fi wọ́n ṣe? Ó kàn tọ́jú wọn ni, bí jọ́tà Surulere. Ní 2010, ilé ẹjọ́ rán Albert Gonzalez, olórí àwọn olè náà, lọ sẹ́wọ̀n ogún ọdún.

Kí TJX tó kéde ni àwọn iléeṣẹ́ káàdì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, Visa, Mastercard àti àwọn ẹgbẹ́ wọn pa òfin wọn pọ̀ sí ọ̀kan, wọ́n pè é ní PCI DSS. Òfin náà sọ gbangba pé bí báǹkì bá ti fọwọ́ sí owó tán, ọlọ́jà kò gbọdọ̀ tọ́jú nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì mọ́, ìbáà tì í mọ́ inú àpótí irin. Nọ́ńbà ojú káàdì ní tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù tí òfin yóò dì lé e lórí pọ̀ gan-an: àyẹ̀wò, ìtìpa, àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.

Ẹrù yẹn ló mú kí àwọn kan wá ọgbọ́n mìíràn. Iléeṣẹ́ TrustCommerce ti ń ṣe é láti 2001, Shift4 sì gbé e jáde fún gbogbo ayé ní ìpàdé kan ní Las Vegas ní 2005. Wọ́n ní, kí ẹnì kan ṣoṣo tó lágbára máa tọ́jú nọ́ńbà káàdì, kó sì fún ọlọ́jà ní nọ́ńbà mìíràn tí yóò dípò rẹ̀. Nọ́ńbà ìdípò yẹn ni wọ́n ń pè ní tókìn.

Ará Èkó kò ṣàjèjì sí tókìn. Tókìn iná tí à ń tẹ̀ sí mítà jẹ́ nọ́ńbà 20. Bí aládùúgbò bá jí bébà tí o kọ tìrẹ sí, tó lọ tẹ̀ ẹ́ sí mítà ilé rẹ̀, mítà náà kò ní gbà á, torí mítà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni tókìn káàdì: ọlọ́jà kan ṣoṣo ló wà fún. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé tókìn iná máa ń parí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí tókìn káàdì ṣeé lò lóṣooṣù.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀kan lára àwọn tó mú un dé ọwọ́ ọlọ́jà kékeré ni Paystack. Shola Akinlade àti Ezra Olubi, tí àwọn méjèèjì kàwé ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ló dá a sílẹ̀ ní 2015. Lásìkò yẹn, Yaba ti di ibùdó àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, láti ìgbà tí CcHub ti ṣílẹ̀kùn ní Herbert Macaulay Way ní 2011. Ọ̀pọ̀ wọn ló fẹ́ máa gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ oníbàárà, tí wọn kò sì lágbára láti gbé ẹrù PCI DSS. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, iléeṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà ra Paystack.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìdárayá wa wò ó. Ká ní owó oṣù jẹ́ 15,000 náírà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀, ojú ìwé Paystack ni yóò sì tẹ̀ ẹ́ sí, kì í ṣe ti ilé ìdárayá. Nọ́ńbà náà yóò gba ibẹ̀ lọ sí báǹkì, báǹkì yóò fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù, oníbàárà yóò tẹ̀ ẹ́, owó yóò wọlé. Ohun tí kọ̀ǹpútà ilé ìdárayá yóò rí gbà padà rèé. Káàdì ìdánwò tí Paystack fún gbogbo ènìyàn, 4084 0840 8408 4081, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ:

```
"authorization_code": "AUTH_72btv547",
"bin": "408408",
"last4": "4081",
"reusable": true
```

Ẹ rí i pé nọ́ńbà mẹ́fà ìbẹ̀rẹ̀ àti mẹ́rin ìparí nìkan ló hàn, kí oníbàárà lè mọ káàdì tó fi sanwó. Ìlà àkọ́kọ́ ni tókìn. Ìlà ìkẹyìn ló sọ pé wọ́n lè tún un lò. Tí oṣù bá yí po, ilé ìdárayá yóò fi èyí ránṣẹ́:

```
POST https://api.paystack.co/transaction/charge_authorization
{
  "email": "onibaara@example.com",
  "amount": "1500000",
  "authorization_code": "AUTH_72btv547"
}
```

Kọ́bọ̀ ni iye owó yẹn, ó jẹ́ 15,000 náírà. Ímeèlì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí oníbàárà lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ilé ìdárayá yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sk_live_`, tì í lẹ́yìn.

Wàyí o, ká ní olè kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìdárayá. Tókìn ni yóò bá. Kò lè fi ra nǹkan kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì lè fi ra nǹkan kan ní ọjà Tejuoṣo. Bó bá tilẹ̀ rí kọ́kọ́rọ́ àṣírí jí pẹ̀lú rẹ̀, àpò ilé ìdárayá gan-an ni owó tó bá fà yóò wọ̀. Àfi tó bá rí ọ̀nà darí owó náà lọ sí àkáǹtì mìíràn. Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ yẹn àti ọ̀rọ̀ ìwọlé ọ̀gá ni ó kù láti ṣọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ti lọ nọ́ńbà káàdì kúnná kí àwọn tó tọ́jú rẹ̀. Ìṣirò kan wà lóòótọ́ tó ń lọ nọ́ńbà bí a ṣe ń lọ ata: ata tó ti kúnná kò lè padà di odindi mọ́. Ṣùgbọ́n olè kò nílò kó dá a padà. Tó bá ti rí nọ́ńbà mẹ́fà ìbẹ̀rẹ̀ àti mẹ́rin ìparí, nọ́ńbà mẹ́fà àárín ló kù, ìyẹn ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Nọ́ńbà káàdì sì ní òfin ìṣirò kan tó ń ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn nù. Ó ku 100,000. Kọ̀ǹpútà yóò lọ gbogbo wọn kúnná kí o tó ṣẹ́jú, yóò sì wo èyí tó bá tìrẹ mu. Tókìn kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò lọ ọ́ jáde lára nọ́ńbà káàdì rárá. Ṣe ni wọ́n kàn ṣà á. Kò sí ìṣirò tó lè mú un padà.

Òfin ìṣirò yẹn wúlò fún ọlọ́jà náà. Nọ́ńbà káàdì máa ń fara pamọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò rò: inú àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń kọ fúnra rẹ̀, inú WhatsApp, inú ímeèlì tí oníbàárà fi ṣàròyé. Wá gbogbo nọ́ńbà tó gùn tó 16 sí 19, torí káàdì Verve máa ń gùn tó 19. Bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, sọ èkejì, ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹfà di ìlọ́po méjì, títí dé òpin. Èyí tó bá ju 9 lọ, yọ 9 kúrò nínú rẹ̀. Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ti káàdì ìdánwò wa, àwọn tí a sọ di ìlọ́po méjì jẹ́ 45, àwọn yòókù jẹ́ 25, àpapọ̀ 70. Bí àpapọ̀ bá ṣeé fi 10 pín láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ káàdì. Bí kò bá ṣeé pín, kì í ṣe káàdì.

Tókìn náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nọ́ńbà káàdì kò pòórá. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe tókìn, òun ni ẹrù wà lórí rẹ̀. Tókìn iléeṣẹ́ kan kò ṣiṣẹ́ ní òmíràn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn lè ní láti tún bẹ àwọn oníbàárà. Bí káàdì bá kú, tókìn rẹ̀ a máa bá a kú. Nígbà mìíràn sì rèé, báǹkì lè dá owó oṣù dúró, kó ní kí oníbàárà tún wá fọwọ́ sí i.

Mo gba káàdì mi padà lọ́jọ́ náà, mo ní kó ya ojú ewé tí orúkọ mi wà fún mi, mo sì fi tiransifáà sanwó. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà ti wà, ó sì fún ẹni tí dátà ènìyàn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ewu sì lè tibẹ̀ wá, ní wákàtí 72 péré láti fi tó ìjọba létí. Ẹ̀yin ọlọ́jà Surulere, Yaba àti Mushin, jọ́tà tí ẹ kò ní kò lè bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ sun ún lónìí.